Kí ló ń jẹ dátà 2GB tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí?

ÌyáBọ́lá_Kàbà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ dátà yìí. 2GB olóṣù kan ni mò ń rà. Kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, àtẹ̀jíṣẹ́ á ti dé pé ó ti tán, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa owó ìpè tó wà lórí síìmù. Mi ò kì í wo fíìmù lórí fóònù, mi ò sì kì í gbé orin sílẹ̀. WhatsApp ni mo fi ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, mo sì máa ń yẹ Facebook wò díẹ̀ lálẹ́ tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Android 13 ló wà lórí fóònù náà. Ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní fóònù mi ló lò ó, pé kì í ṣe àwọn. Ṣé ọ̀nà wà tí èèyàn fi lè mọ ohun tó jẹ ẹ́ gan-an, àbí ká kàn gbà bẹ́ẹ̀?

Akin_Ìsánlú

Mọ̀mí, ẹ má dá wọn lóhùn, àwọn náà ni. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí NCC ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi owó kún owó, dátà ò dúró mọ́. 2GB ìsinsìnyí kì í ṣe 2GB àtijọ́.

Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ máa pa gbogbo áàpù tí ẹ bá ti lò tán. Ẹ tẹ bọ́tìnì onígun mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ fóònù, kí ẹ fi ìka gbá gbogbo wọn dànù. Áàpù tí kò sí ní ṣíṣí ò lè jẹ dátà.

Atúnfóònù_Ẹ̀gbẹ̀

Akin, òótọ́ ni pé owó gòkè. 50 nínú ọgọ́rùn-ún ni NCC ní kí wọ́n má fi kún un kọjá. Ṣùgbọ́n owó ló yí padà, ìwọ̀n ò yí. Iye tí a fi ń ra 2GB tẹ́lẹ̀ ò rà á mọ́, àmọ́ ẹni tó bá ra 2GB, 2GB náà ló wọ orí síìmù rẹ̀.

Ti fífi ìka gbá áàpù dànù, kò dí ihò tí Mọ̀mí ń bi wá léèrè. Play Store ò dúró de ẹnikẹ́ni kó wá ṣí òun kó tó gbé ọ́pídéètì wálẹ̀. Android fúnra rẹ̀ ló fi iṣẹ́ yẹn sí àkókò, tí àkókò bá tó, á jí i, ì báà jẹ́ pé a ti pa gbogbo ohun tó wà lójú fóònù. Bẹ́ẹ̀ náà ni Google Photos tó ń kó àwòrán lọ sókè. Ẹ lè gbá wọn dànù láàárọ̀ lálẹ́, wọ́n á ṣì máa ṣiṣẹ́ wọn.

Mọ̀mí, ẹ má tíì yí ohunkóhun padà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ fóònù. Ẹ ṣí Settings, ẹ tẹ Network & internet, lẹ́yìn náà SIMs, ẹ yan síìmù tí dátà wà lórí rẹ̀, kí ẹ wá tẹ App data usage. Tó bá jẹ́ Samsung ni, Connections ni ẹ ó tẹ̀, lẹ́yìn náà Data usage, lẹ́yìn náà Mobile data usage. Tí ẹ ò bá rí èyíkéyìí, àpótí tí wọ́n fi ń wá nǹkan wà lókè Settings. Ẹ kọ data usage síbẹ̀, á gbé e jáde.

Lókè ojú ìwé náà, ẹ ó rí ọjọ́ méjì, láti ìgbà báyìí sí ìgbà báyìí. Ọjọ́ kìíní oṣù ni ọ̀pọ̀ fóònù ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ yí i sí ọjọ́ tí ẹ ra dátà tó kẹ́yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí ẹ ti lò kí ẹ tó rà á á dà pọ̀ mọ́ ọn, àròpọ̀ rẹ̀ ò sì ní bá 2GB yín mu.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ áàpù kọ̀ọ̀kan tó wà lókè. Oye méjì ni ẹ ó bá níbẹ̀. Foreground ni èyí tí áàpù náà lò nígbà tó wà lójú yín. Background ni èyí tó lò lábẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹ ò sí lórí rẹ̀. Oye méjèèjì yẹn ni kí ẹ kọ síbí fún wa, ti áàpù márùn-ún àkọ́kọ́ tó.

Dúpẹ́_Ìyàrà

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló dára jù ní apá Ìyàrà báyìí? Èyí tí mò ń lò, tí mo bá wọ inú yàrá, 2G ló ń bọ́ sí.

Atúnfóònù_Ẹ̀gbẹ̀

Dúpẹ́, ẹ ṣí ọ̀rọ̀ tuntun fún ìyẹn, àwọn ará Ìyàrà á dá yín lóhùn. Èyí tí Mọ̀mí béèrè nìyí.

ÌyáBọ́lá_Kàbà

Mo ti rí i. Mo yí ọjọ́ náà sí ọjọ́ tí mo rà á bí ẹ ṣe wí. Àpapọ̀ rẹ̀ lókè jẹ́ 1.96GB. Báyìí ni wọ́n ṣe tò:

Facebook 812MB. Foreground 771, background 41.
Google Play Store 437MB. Foreground 9, background 428.
WhatsApp 318MB. Foreground 96, background 222.
Google Photos 205MB. Background ni gbogbo rẹ̀.
YouTube 121MB. Foreground ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn yòókù ò ju kéékèèké lọ, gbogbo wọn pọ̀ jẹ́ 67MB. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni Facebook. Mi ò tẹ fídíò kankan níbẹ̀. Mo kàn ń fi ìka yí i lọ sókè ni, mo ń ka ohun táwọn èèyàn kọ.

Atúnfóònù_Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ ṣeun, Mọ̀mí. Ọ̀rọ̀ ti yanjú dé ìdajì. Ihò méjì ló wà lára fóònù yín, ohun tí a fi ń dí ọ̀kan ò sì lè dí èkejì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí Facebook. 771 nínú 812 ló lọ nígbà tó wà lójú yín, kì í ṣe ọ́pídéètì ló kó o. Fídíò ni. Bí ẹ ṣe ń yí i lọ, fídíò tó bá ti bọ́ sáàárín ojú fóònù á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó lè má dún rárá, ẹ lè rò pé àwòrán lásán ni, ṣùgbọ́n dátà ti ń wọlé. Tí ẹ bá dúró ka ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀ tàbí ohun táwọn èèyàn sọ lábẹ́ rẹ̀, fídíò ò dúró ní tirẹ̀. Áàpù tún máa ń fa ìbẹ̀rẹ̀ àwọn fídíò tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n má bàa há tí ẹ bá dé ibẹ̀. Èyí tí ẹ kọjá láì wò, ẹ ti sanwó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fídíò tó bá wọlé ní 720p sábà máa ń gbé nǹkan bíi mẹ́gábíìtì méjì ààbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pín in sí mẹ́jọ kó lè di MB, ẹ ó rí 0.3MB àti díẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú kan gbáko, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19MB. Ẹ wá fi 19 pín 771, ogójì ìṣẹ́jú ló fún wa. Ogójì ìṣẹ́jú láàárín ọjọ́ mẹ́rin jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́ kan. "Díẹ̀ lálẹ́" tí ẹ sọ náà nìyẹn gẹ́lẹ́, ẹ ò parọ́ rárá.

Bí ẹ ṣe máa dí i: nínú Facebook, ẹ tẹ ibi ìlà mẹ́ta tó jẹ́ Menu, ẹ lọ sí Settings & privacy, lẹ́yìn náà Settings, kí ẹ wá Media. Ẹ ó rí Autoplay níbẹ̀. Ẹ yan Never autoplay videos. Ẹ má yan On Wi-Fi only bí ẹ bá máa ń gba hótísípọ́ọ̀tì lọ́wọ́ ẹlòmíràn, màá sọ ìdí rẹ̀ tí mo bá dé ibẹ̀. Láti ìgbà náà, fídíò á dúró bí àwòrán títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n Reels ò sí lábẹ́ òfin yẹn o. Ẹni tó bá ti wọ Reels, fídíò ló wọ̀, á máa ṣí ni. TikTok náà bẹ́ẹ̀, kò níbi tí wọ́n ti ń dá a dúró. Data Saver inú rẹ̀ kàn ń dín ìwọ̀n fídíò kù ni.

YouTube yín ò burú, ṣùgbọ́n ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ náà máa ń ṣí fídíò fúnra rẹ̀ láìdún. Nínú Settings rẹ̀, ẹ wá Playback in feeds, ẹ pa á. Ẹ wá Video quality preferences, níbi On mobile networks, ẹ yan Data saver.

Ó ku ihò kejì, ti abẹ́lẹ̀. Màá kọ ọ́ tí mo bá parí fóònù tó wà lọ́wọ́ mi.

Tíṣà_Ọ̀wẹ́

Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Android ti ní Data Saver tirẹ̀. Ẹ ṣí Settings, Network & internet, Data Saver, ẹ tàn án. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ parí. Kò sídìí láti máa wọ áàpù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

Bísí_POS

Tíṣà, ẹ rọra. Ó dára, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀.

Data Saver ń dí abẹ́lẹ̀ nìkan. Áàpù tó bá ti wà lójú ṣì lè lo dátà. Nínú oye tí Mọ̀mí kọ, 771 ti Facebook ò ní yẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá tàn án. Àwọn áàpù kan máa ń ríi pé ó wà ní títàn, wọ́n á sì dín fídíò kù, ṣùgbọ́n ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe áàpù náà, kò sí lọ́wọ́ Android.

Ìkejì, ẹni tó ń fi WhatsApp tajà tó bá kàn tan Data Saver tó sì jókòó, iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i lè má wọlé títí yóò fi ṣí WhatsApp. Oníbàárà á ti kọjá sí ṣọ́ọ̀bù míì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìfitónilétí áàpù báńkì àti ti POS. Tí owó bá wọlé tí fóònù ò dún, aáwọ̀ ló ń dá sílẹ̀ níwájú kàńtà. Nítorí náà, tí ẹ bá tàn án, ẹ tẹ Unrestricted data tó wà lójú ìwé kan náà, kí ẹ tan WhatsApp àti áàpù owó yín níbẹ̀. Àwọn yẹn á lè máa lo dátà lábẹ́lẹ̀, a ó sì sé àwọn yòókù mọ́.

Tíṣà_Ọ̀wẹ́

Ẹ ṣeun, Bísí. Ti Unrestricted yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé òun ni kéèyàn kọ́kọ́ ṣe, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní ṣe èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Atúnfóònù_Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ̀yin méjèèjì, ó dára. Èmi máa ń fi Data Saver ṣe ìkẹyìn ni, torí bí èèyàn bá tàn án kó tó tún áàpù ṣe, kò ní mọ èyí tó ń jẹ dátà mọ́. Ọjọ́ tó bá pa á fún ìdí kan, gbogbo rẹ̀ á padà.

Ihò ti abẹ́lẹ̀ rèé. Mẹ́ta ni wọ́n nínú oye Mọ̀mí.

Play Store kọ́kọ́. 428MB lábẹ́lẹ̀, 9 péré lójú. Ọ́pídéètì ni. Ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín lókè lápá ọ̀tún, Settings, Network preferences, Auto-update apps. Ó ní láti jẹ́ pé èyí tó gba dátà síìmù láyè ló wà ní yíyàn níbẹ̀. Ẹ yí i sí Don't auto-update apps. Auto-play videos wà nítòsí rẹ̀, ẹ pa ìyẹn náà.

Kò wá túmọ̀ sí pé kí ẹ má ṣe ọ́pídéètì mọ́ o. Ìdí tó fi ń pọ̀ ni pé ogójì áàpù tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló wà lórí fóònù, àwọn tó bá a wá láti ilé ìtajà náà wà níbẹ̀, ẹ ò sì lo ju mẹ́jọ lọ. Gbogbo wọn ló ń gba ọ́pídéètì. Ẹ padà sí àwòrán yín nínú Play Store, ẹ tẹ Manage apps & device, lẹ́yìn náà Updates available. Ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ yan WhatsApp, áàpù báńkì, àti Chrome, kí ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀. WhatsApp tó bá ti gbó jù á kọ̀ láti ṣiṣẹ́, áàpù báńkì tó ti pẹ́ ò sì láàbò tó, nítorí náà ẹ má fi àwọn wọ̀nyẹn falẹ̀.

Áàpù tó bá fóònù wá tí ẹ ò lò rí, tí kò sì ṣe é yọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ tẹ App info, lẹ́yìn náà Disable. Kò ní gba ọ́pídéètì mọ́. Àwọn fóònù kan tún máa ń ní ilé ìtajà áàpù tiwọn yàtọ̀ sí Play Store, ìyẹn náà sì ń ṣe ọ́pídéètì tirẹ̀. Ẹni tó bá ti Play Store pa tí dátà abẹ́lẹ̀ ṣì ń lọ, kó wá ìyẹn lọ.

WhatsApp, 222 lábẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí yín ò lè tó bẹ́ẹ̀. Fọ́tò àti fídíò inú gúrúùpù ni, ti ẹbí, ti ìjọ, ti ẹgbẹ́ ọjà, tó ń wọlé fúnra rẹ̀. Settings inú WhatsApp, Storage and data, lẹ́yìn náà When using mobile data. Ẹ yọ àmì kúrò lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí ẹ bá fẹ́ rí ni ẹ ó tẹ̀.

Google Photos, 205. Ẹ tẹ àwòrán yín, Photos settings, Backup, Mobile data usage, ẹ yan No data. Fídíò ọjà tí ẹ bá yà fún oníbàárà ni ó ń kó lọ sókè. Dátà tó bá lọ sókè náà, wọ́n ń kà á bí èyí tó wọlé.

Fẹ́mi_Akẹ́kọ̀ọ́

Okun o, ẹ̀gbọ́n. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Facebook ò sí lórí fóònù mi, mo sì ti pa ọ́pídéètì Play Store. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti tan hótísípọ́ọ̀tì fún kọ̀ǹpútà alágbèéká mi láti fi ka ìwé, 1GB lè lọ kí n tó ka ojú ìwé mélòó kan. Lórí fóònù, mi ò rí orúkọ áàpù kankan tó jẹ ẹ́. Ohun tí mo rí ni Hotspot & tethering.

Atúnfóònù_Ẹ̀gbẹ̀

Fẹ́mi, ibẹ̀ ni mò ń bọ̀. Fóònù ò mọ ohun tó ń lọ nínú kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ ló kó sábẹ́ orúkọ kan yẹn. Kọ̀ǹpútà náà ò sì mọ̀ pé síìmù ni dátà ti ń wá. Wi-Fi ló rí. Lójú rẹ̀, Wi-Fi ò lópin, nítorí náà Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ́pídéètì rẹ̀ wálẹ̀, OneDrive náà á máa kó fáìlì lọ sókè.

Nígbà tí o bá ti so ó mọ́ hótísípọ́ọ̀tì, lórí Windows 11, ṣí Settings, Network & internet, Wi-Fi, tẹ properties ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, kí o wá tan Metered connection. Windows á dá ọ̀pọ̀ ọ́pídéètì rẹ̀ dúró. Orúkọ hótísípọ́ọ̀tì ni ó fi ń rántí, nítorí náà tí o bá yí orúkọ rẹ̀ padà, wàá tún un ṣe.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún Mọ̀mí pé kó má yan On Wi-Fi only.

Bísí_POS

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Tó bá jẹ́ Android ló ń pín hótísípọ́ọ̀tì fún Android, èkejì sábà máa ń mọ̀ pé dátà síìmù ni, torí fóònù tó ń pín in máa ń fi àmì kan ránṣẹ́ sí i. Play Store tó wà ní Wi-Fi only ò ní fà á. Ibi tí ó ti ń ṣòro ni MáìFáì, kọ̀ǹpútà, àti iPhone, torí àmì yẹn lè máà sí láàárín wọn.

Ẹni tó ń lo MáìFáì, lórí Android rẹ̀, kó lọ sí Wi-Fi nínú Settings, kó tẹ jíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ MáìFáì náà, kó wá Network usage, kó yan Treat as metered. Ti iPhone, Low Data Mode ló wà lábẹ́ orúkọ Wi-Fi náà.

Atúnfóònù_Ẹ̀gbẹ̀

Òótọ́ ni, ti Android sí Android rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì yẹn, Android ló ń kà á. Autoplay inú Facebook ti pín ọ̀rọ̀ sí Wi-Fi àti dátà síìmù, mi ò sì fẹ́ kí Mọ̀mí fi owó rẹ̀ dán an wò bóyá Facebook ń kà á tàbí kò kà á. Never ló dájú.

Akin_Ìsánlú

Mo gbà ti autoplay. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ti 4G. 4G ń jẹ dátà ju 3G lọ, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fi fóònù sí 3G, dátà rẹ̀ á pẹ́.

Bísí_POS

Fáìlì 20MB, 20MB ló jẹ́ lórí 3G, 20MB náà ló jẹ́ lórí 4G. Fídíò ló mú kó dà bíi pé 4G ń jẹ jù. YouTube àti Facebook máa ń wo bí ọ̀nà ṣe já gaara tó kí wọ́n tó yan ìwọ̀n. Lórí 3G tó ń wọ́, wọ́n lè fún ọ ní 360p tó ń jẹ nǹkan bíi 5MB níṣẹ́jú kan. Lórí 4G tó dáa, wọ́n á gbé e lọ sí 720p. Tí o bá ti yan Data saver nínú YouTube, ìyàtọ̀ yẹn ti kúrò nìyẹn.

Akin_Ìsánlú

Ohun tí mo sọ náà lẹ sọ yẹn. Lórí 3G, ó ń jẹ díẹ̀.

Atúnfóònù_Ẹ̀gbẹ̀

Fídíò ni, Akin, ti fídíò ni. Ṣùgbọ́n níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dúró, 3G tún lè ná èèyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fáìlì tó bá já ní ìdajì ọ̀nà, àwọn áàpù kan ò lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti já, wọ́n á tún un gbé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé fáìlì ńlá, kó dúró síbi tí 4G ti dáa kó gbé e lẹ́ẹ̀kan.

ÌyáBọ́lá_Kàbà

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á gbè yín. Mo ti ṣe ti Facebook, Play Store, WhatsApp àti Photos. Mo tún tan Data Saver bí Tíṣà ṣe wí, mo sì fi WhatsApp àti áàpù báńkì sí Unrestricted. Ìbéèrè méjì ló kù. Ọ̀nà wo ni mo lè gbà kí wọ́n má fa owó ìpè mi mọ́ tí dátà bá tán? Èkejì, 1.96GB ni fóònù kà, 2GB ni mo rà. Níbo ni ìyókù wà?

Bísí_POS

Ti owó ìpè, níbi tí ẹ ti rí App data usage, ẹ wá Data warning & limit. Ẹ tan Set data limit, kí ẹ fi 1.9GB sí i. Tí fóònù bá kà á dé ibẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á pa dátà síìmù kí ti ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó tán. Ẹ tún lè fi Data warning sí 1GB. Tí ìkìlọ̀ yẹn bá dé lọ́jọ́ kẹta, ẹ mọ̀ pé nǹkan kan ti yọ́ wọlé, ẹ lọ wo oye áàpù lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ọjọ́ tí ẹ fún un ló ń tẹ̀ lé lóṣooṣù, kò mọ ìgbà tí ẹ ra dátà tuntun. Tí ẹ bá tún rà á lágbedeméjì oṣù, ẹ yí ọjọ́ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á pa dátà tí ẹ ò tíì lò.

Akin_Ìsánlú

Ìyókù yẹn ni mo ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń yọ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀.

Atúnfóònù_Ẹ̀gbẹ̀

Akin, 40MB nínú 2GB ò tó ohun tí a lè fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Fóònù àti ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ka dátà níbì kan náà. Wákàtí tí Mọ̀mí rà á lọ́jọ́ náà lè máà bá ibi tí fóònù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà mu, òru ni fóònù fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Àwọn kan ka GB kan sí 1000MB, àwọn mìíràn kà á sí 1024. Fún ìyàtọ̀ tó kéré báyìí, mi ò ní bá ilé iṣẹ́ kankan jà.

Akin_Ìsánlú

Ẹ̀yin lẹ gbà bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà.

Atúnfóònù_Ẹ̀gbẹ̀

Ó ṣe é dán wò. Tẹ *323#, kọ iye tó kù sílẹ̀. Kọ iye tí fóònù kà náà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà. Pa hótísípọ́ọ̀tì, lo fóònù bó o ṣe ń lò ó títí wàá fi rí i pé fóònù ti ka 200MB sí i, kí o tún tẹ *323#. Má ṣe é nígbà tí ẹ̀bùn dátà òru tàbí ẹ̀bùn dátà mìíràn bá wà lórí síìmù náà, torí ó lè jẹ́ ìyẹn ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ. Tí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 5MB tàbí 10MB, kò sí ẹjọ́. Tí fóònù bá ní 200 tí ti ilé iṣẹ́ sì ní 300, ya àwòrán ojú fóònù méjèèjì, kí o gbé e lọ bá wọn pẹ̀lú wákàtí tó o tẹ *323#. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, gbé e síbí ká jọ wò ó.